Kí ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ńtrà: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àkókò ìdánwò sílẹ̀

Ní ọjà Arzèkè ní Parakou, gbólóhùn kan wà tí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ kì í pẹ́ gbọ́. Ẹ lọ bá oníṣòwò aṣọ, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta símẹ́ńtì àti irin, ẹ lọ bá ẹni tó ń fi fóònù gba owó tó sì ń fi ránṣẹ́. Bó bá gbà pé òun nílò ènìyàn, á ní: “Kò burú. Máa bọ̀ lọ́la, ká máa wò ọ́ ná.”

Gbólóhùn yẹn kò burú. Kò sí ẹni tó máa kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ láì kọ́kọ́ wò ó. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà ní ìparí rẹ̀ yẹn, “ná”, ni wàhálà. “Ná” dà bí ẹnu ọ̀nà tí a ṣí sílẹ̀ tí a kò sọ ìgbà tí a máa tì í. Ọmọ ẹlòmíì ti wá láti Ṣábẹ tàbí láti abúlé kan lẹ́bàá Parakou, ó ti ṣe oṣù méje lórí “ná”, owó tí wọ́n ní àwọn máa fi kún un kò kún, wọn kò sì tíì sọ pé àwọn gbà á síṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ, wọ́n á ní, “Ṣebí à ń wò ọ́ ni.”

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí kò ju ìyẹn lọ: bí ènìyàn ṣe ń mú kí “ná” ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí lórí ìwé, kó tó fọwọ́ sí i.

Kí ni àkókò ìdánwò yìí gan-an?

Òun ni àwọn pàtírọ́ọ̀nù ń pè ní períọ́ọ̀dù désẹ̀. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òfin nọ́ńbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998 sọ ohun tó wà fún: kí ọ̀gá lè wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà sì lè wo bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí, owó rẹ̀, ìmọ́tótó rẹ̀, ewu tó wà níbẹ̀, àti bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe ń bá ara wọn gbé. Ẹ̀yin náà rí i pé ìdánwò yìí kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Àwọn méjèèjì ló ń dán ara wọn wò.

Ohun tó mú kí gígùn rẹ̀ ṣe pàtàkì ni èyí: nígbà tí ìdánwò bá ń lọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè dá a dúró láìsí pé ó kìlọ̀ fún ẹnì kejì ṣáájú, láìsí pé ó san owó ìtanràn kankan. Ọ̀gá lè sọ ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday pé kí ẹ má wá mọ́ ní ọjọ́rú. Owó ọjọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nìkan ló jẹ yín, kò gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá ti parí, tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó múná dóko kó tó lé yín, ó sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ìkìlọ̀ ṣáájú.

Nítorí náà, iye ọjọ́ ìdánwò ni iye ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín kò fi tíì múlẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye ọjọ́ náà kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ òun máa múlẹ̀.

Ní ti iye rẹ̀, òṣìṣẹ́ lásán tó ń gba owó oṣù, bí ẹni tó ń tajà nínú ìsọ̀, ẹni tó ń kọ ọjà tó wọlé sílẹ̀, ẹni tó ń gba owó, oṣù kan ni. Àwọn tó wà ní ipò gíga, bí ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àgbà, oṣù mẹ́ta ni tiwọn. A lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyẹn ni pé ẹni tí oṣù kan jẹ́ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù méjì lórí ìdánwò. Oṣù méje tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òfin kò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀

Òfin ní kí ìdánwò wà lórí ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí kà. Kò ní kí ọ̀gá sọ ọ́ lẹ́nu, kò ní kí ẹlẹ́rìí méjì gbọ́ ọ. Ìwé ni. Bí kò bá sí ìwé, kò sí ìdánwò, a ó ka òṣìṣẹ́ náà sí ẹni tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wò ó. A máa ń rò pé òṣìṣẹ́ nìkan ni ìwé ń ṣe láǹfààní, pé bí a bá ní kí ọ̀gá kọ ọ́, ńṣe là ń fún un ní wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, òun gan-an ló pàdánù ẹ̀tọ́ láti dán ènìyàn wò. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú alábòójútó iṣẹ́ tí ìjọba yàn, tí ọ̀gá sọ pé “Ìdánwò ló wà”, wọ́n á ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Bí kò bá rí ìwé mú wá, ó di ẹni tó lé òṣìṣẹ́ tó ti gbà pátápátá láìkìlọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ẹ máa fi bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ kò lọ bá a jà. Ẹ lọ bá a pé kí ìwé yín méjèèjì pé.

Àpẹẹrẹ kan: ìwé tí wọ́n gbé síwájú ọmọ Ṣábẹ

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọbìnrin ọmọ Ṣábẹ kan, tó ka ìwé dé kọ́léèjì, gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Alájà kan tó ń ta ohun ìkọ́lé lẹ́bàá Arzèkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde, kó sì máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, Alájà gbé ìwé kọ́ńtrà wá, ojú ewé méjì tí wọ́n tẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó ní, “Fọwọ́ sí i níbí, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó o fún oníṣirò mi.”

Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé kí n kà á, màá mú un wá lọ́la.” Ó dára tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí kò lè sun ilé ọjọ́ kan, ó yẹ ká bi ara wa léèrè ìdí tí ó fi ń kánjú.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbọ́ faransé dáadáa bá a kà á. Ní abala tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìdánwò, ohun tí wọ́n rí ni pé: òṣìṣẹ́ á wà lórí ìdánwò fún oṣù “.......”, èyí tí a lè tún ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé yìí, owó rẹ̀ nígbà ìdánwò á jẹ́ 40.000 fàránkì sẹ́fà, lẹ́yìn ìdánwò á di 60.000.

Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, àmì tó-tò-tó tí wọ́n tò síbi iye oṣù. Ibi òfìfo ni. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ibi òfìfo ti fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá wá kọ síbẹ̀ lẹ́yìn. Lónìí òfìfo ni, ní oṣù kejìlá ó lè di “3” tàbí “6”, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà síbẹ̀, kí wọ́n sì tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀: 1, oṣù kan.

Èkejì, “èyí tí a lè tún ṣe”. Ẹ̀ẹ̀melòó? Ìwé náà kò sọ. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó tún dára kí wọ́n kọ bí wọ́n á ṣe sọ fún un: pé bí Alájà bá fẹ́ tún ìdánwò ṣe, òun á fi ìwé sọ ọ́ kí oṣù kìíní tó parí. Bí kò bá sí èyí, ọ̀gá lè dákẹ́ di oṣù kẹta, kó wá ní, “Ṣebí a ti tún un ṣe.” Ta ló gbọ́?

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ. Bí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀ “láti ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé”, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti ṣe kò wọnú rẹ̀, ìdánwò oṣù kan ti di oṣù méjì, ti oṣù méjì á di mẹ́ta. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ ló yẹ kó wà lórí ìwé. Bí a bá kà á láti ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, oṣù kan parí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ó parí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá. Bí ó bá jí lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá tí wọn kò sọ nǹkan kan, ó ti di òṣìṣẹ́ pátápátá. Ẹ rí i bí ọjọ́ ṣe ń mú ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. “Oṣù kan” nìkan kò tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí.

Ẹ̀kẹrin, owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó wà lórí ìdánwò lè gba iyekíye. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀, tó jẹ́ 40.000 tẹ́lẹ̀, ti di 52.000 fàránkì láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kíkún kò gbọ́dọ̀ gbà tó kéré sí i, ìdánwò ni o, òun kọ́ ni o. 40.000 tó wà lórí ìwé Alájà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìwé àtijọ́ kan ni wọ́n ti dà á kọ. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Alájà lè sọ pé òun á san 52.000 nígbà ìdánwò, kó wá di 60.000 lẹ́yìn náà, bí 52.000 kò bá kéré sí owó tí wọ́n fi lélẹ̀ fún irú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tí 60.000 máa bẹ̀rẹ̀ wà lórí ìwé pẹ̀lú.

Bó ṣe bá Alájà sọ ọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọsẹ̀. Yálà wọ́n á dákẹ́ nítorí ìtìjú, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń rojọ́, tí ọ̀gá á fi bínú. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbéèrè, kó sì jẹ́ pé nípa ìwé ni, kì í ṣe nípa ìwà ọ̀gá.

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì ní òwúrọ̀, kí oníbàárà tó pọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn.

“Alájà, ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti ka ìwé náà. Inú mi dùn sí i. Ohun díẹ̀ ló wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kọ sí i kí n tó fọwọ́ sí i.”

“Kí ló tún wà níbẹ̀? Ìwé tí gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ sí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibi ìdánwò ni wọn kò kọ iye oṣù sí. Bó bá ṣófo báyìí, bó bá di ọ̀rọ̀ lọ́la, kò ní ṣe ẹ̀yin náà láǹfààní, nítorí òfin ní bí ìdánwò kò bá wà lórí ìwé dáadáa, bí ẹni pé kò sí ni. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé oṣù kan, láti ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ tí mo dé, di ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án.”

Alájà wò ó fún ìgbà díẹ̀. “Oṣù kan ti kéré jù. Mi ò tíì mọ̀ ẹ́ tó.”

“Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, mà. Kí ẹ kàn fún mi ní ìwé kékeré kan kó tó di ọjọ́ 3. Ìyẹn á mú un dé ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá.”

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà kò sọ pé “Ẹ kò gbọ́dọ̀.” Ó fi hàn wọ́n pé àyè oṣù kejì ṣì wà fún wọn. Alájà tó rò pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun rí i pé wọ́n fi nǹkan lé òun lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí owó, ó ní oníṣirò ló kọ 40.000, kí òun pè é. Oníṣirò fúnra rẹ̀ ló sọ fún un lórí fóònù pé ó ti di 52.000.

Kò sí ọ̀gá tó jọra. Òmíràn á ní, “Fọwọ́ sí i ná, a ó tún un ṣe bó bá yá.” Ẹ rí i, “ná” tún ti dé. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: “Ẹ jẹ́ kí n fi báírò kọ ọ́ sí i báyìí, mà, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Ó ṣeé ṣe. Kò pọn dandan kí wọ́n tún ìwé tẹ̀. Kí wọ́n fi báírò kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ síbi tó ṣófo, kí wọ́n fa ìlà sórí ohun tí wọ́n yọ, kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀dà méjèèjì. Ẹ̀dà kan jẹ́ ti ọ̀gá, èkejì tiyín. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀gá kò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Bí kò bá sí ẹ̀dà kejì, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀, lójú wọn, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí ọ̀gá kò bá ní àyè láti jókòó, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó lè dáhùn níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tó ń kà, ní ṣókí. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí: “Ẹ káàsán, mà. Kí n tó fọwọ́ sí kọ́ńtrà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdánwò mi jẹ́ oṣù kan, láti 4/8 sí 3/9, pé ẹ̀ẹ̀kan péré la lè tún un ṣe, pé owó mi nígbà náà jẹ́ 52.000, á sì di 60.000 bó bá parí. Ẹ ṣeun.” Bí wọ́n bá dáhùn “Bẹ́ẹ̀ ni”, ẹ má pa á rẹ́. Kì í ṣe ìwé kọ́ńtrà, kò sì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni.

Ìparí ìdánwò kì í ṣe ìparí kọ́ńtrà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, ó yẹ ká yà á sọ́tọ̀. Kọ́ńtrà oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan kò ní ọjọ́ ìparí. Èkejì ní ọjọ́ ìparí: oṣù mẹ́fà, ọdún kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò lè wà nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí ti ọmọ Ṣábẹ bá jẹ́ kọ́ńtrà oṣù mẹ́fà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, á parí ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, bí ó tilẹ̀ yege ìdánwò. Yíyege ìdánwò kàn túmọ̀ sí pé wọn kò lè já a sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà náà bó ṣe wù wọ́n. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà di ti ayérayé. Òfin nọ́ńbà 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 sì gba ọ̀gá láyè láti máa tún irú kọ́ńtrà ọlọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, láìsọ iye ìgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti bèèrè ọjọ́ ìparí ìdánwò, ẹ bèèrè pẹ̀lú pé: “Kọ́ńtrà yìí fúnra rẹ̀, ṣé ó ní ọjọ́ ìparí?” Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn méjì ló yẹ kó wà lórí ìwé.

Àwọn àmì tó yẹ kó dá yín dúró

Bí wọ́n bá gbé ìwé kejì wá pẹ̀lú kọ́ńtrà, tó jẹ́ pé ìwé “Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀” ni, tí kò ní ọjọ́, ẹ má fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni wọ́n á kọ ọjọ́ sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ lọ, á wá dà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn láti lọ.

Bí wọ́n bá kọ “akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́” tàbí “sítáàjì” sórí ìwé, tí ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ wá ṣe, tí ẹ ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ tí ẹ sì ń tì í nírọ̀lẹ́ bí àwọn yòókù, ẹ bèèrè ìdí. Ìkọ́ṣẹ́ ní ìwé tirẹ̀, ó ní òfin tirẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó oṣù. Yíyí orúkọ padà lè jẹ́ ọ̀nà láti yẹra fún 52.000.

Bí wọ́n bá ní, “A ó kọ orúkọ rẹ sí CNSS lẹ́yìn ìdánwò”, ìyẹn náà kò tọ́. CNSS ni àpótí tí owó ìfẹ̀yìntì àti owó ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wá. Ẹni tí irin já lé lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì ìdánwò farapa bí ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un jẹ́ 3,6 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí 52.000, ó jẹ́ 1.872 fàránkì, ọmọ Ṣábẹ á mú 50.128 lọ sílé. Ọ̀gá á san ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára ti òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń yọ owó CNSS lọ́wọ́ yín nígbà ìdánwò, tí wọn kò sì fún yín ní nọ́ńbà, ẹ bèèrè ibi tó ń lọ.

Bí ọ̀gá bá kọ̀ pátápátá ńkọ́?

Ká má tan ara wa jẹ. Ní Arzèkè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ láìsí ìwé kankan, àwọn ọ̀gá kan sì wà tí wọ́n á ní, “Bó ò bá fẹ́, ẹlòmíì wà níta.” Ìwé kò lè fi agbára mú ọ̀gá láti gbà yín, kò sì lè dá a dúró kó má ṣe já yín sílẹ̀ láàárín ìdánwò. Ohun tí ìwé lè ṣe ni pé kó sọ ibi tí ìdánwò dópin.

Bí ebi bá wà nílé tí ẹ sì ní láti gba iṣẹ́ náà láìsí ìwé, ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Òfin gbà kí a fi ohunkóhun tó ṣeé gbà gbọ́ ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ wà láàárín ènìyàn méjì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi owó oṣù ránṣẹ́ sórí fóònù yín, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé nígbà tí owó bá dé máa ń ní ọjọ́ àti iye. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi ń rán yín níṣẹ́ rẹ́. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín, tó lè sọ pé òun ń rí yín lójoojúmọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá dàrú, ilé iṣẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ti ẹkùn Borgou wà ní Parakou. Òun ni wọ́n ń pè ní ẹ́ńsípẹ́síọ̀nù iṣẹ́. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó ro ẹjọ́ yín níbẹ̀. Wọ́n á pe ọ̀gá, wọ́n á gbọ́ tẹnu yín méjèèjì, wọ́n á gbìyànjú láti parí rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, wọ́n á kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà, wọ́n á kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ìwé yẹn lẹ sì máa mú lọ sí ilé ẹjọ́. Kò yẹ kí ẹ dúró di ọjọ́ ìjà kí ẹ tó lọ. Ẹ lè mú kọ́ńtrà tí wọn kò tíì fọwọ́ sí lọ síbẹ̀, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ibi ìdánwò yìí.”

Ní ti ọmọ Ṣábẹ inú àpẹẹrẹ wa, Alájà bu ọwọ́ lu ẹ̀dà méjèèjì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, ó fún un ní ìwé kékeré pé òun tún ìdánwò ṣe di ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá. Inú ọmọ náà kò dùn sí i púpọ̀, ó ti rò pé oṣù kan á tó. Ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tó ń kà sí. Ó fi báírò pupa yí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ká lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ìsọ̀ náà, lẹ́bàá tábìlì tí ó ti ń gba owó, níbi tí Alájà náà ti lè rí i.